Fáàfù Tí Wọ́n Fi Wáyà Dè

Àwòrán tí ọ́dítọ̀ yà hàn kedere lórí fóònù rẹ̀: bọ́ílà, fáàfù, àti wáyà tí wọ́n fi dè é pinpin. Ohun kan ṣoṣo ni kò bára mu. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi ìka gbé ẹnu wáyà náà sókè kí ó lè rí i dáadáa kò sí níbẹ̀ rárá. Wáyà náà dá gbé ẹnu sókè fúnra rẹ̀.

Ọ́dítọ̀ náà, tó ń yẹ ààbò ẹ̀rọ wò nílé iṣẹ́ aṣọ kan, kì í ṣe obìnrin tó ń bẹ̀rù òjìji. Iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ kó má gba ohun tí kò bá fojú ara rẹ̀ rí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó fojú ara rẹ̀ rí ọkùnrin náà ní yàrá bọ́ílà, lọ́sàn-án gangan. Aṣọ iṣẹ́ búlúù ló wọ̀, ó sì kọ ẹ̀gbẹ́ òsì ojú rẹ̀ sí ògiri. Òórùn irun tó jóná ń ti ara rẹ̀ jáde.

“Mà,” ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, “fáàfù yìí ló yẹ kó tú ooru jáde bí agbára bọ́ílà bá ti pọ̀ jù. Tó bá ti ń tú, ẹ̀rọ á dúró, iṣẹ́ á falẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń dè é lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí.”

Ó kọ ọ́ bó ṣe rí. Nínú ìròyìn àkọ́kọ́, èyí tí dáírẹ́tọ̀ gbọ́dọ̀ kà kó sì fèsì sí kó tó dé iwájú ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò, ó fi ọ̀rọ̀ náà sí “ewu ńlá”. Ewu ńlá nìkan ni ìgbìmọ̀ máa ń jókòó lé lórí, àwọn ló sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n pa bọ́ílà. Ní ti ewu kékeré, ọwọ́ dáírẹ́tọ̀ ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ sí, kó tún un ṣe nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Dáírẹ́tọ̀ ránṣẹ́ pè é. “Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́” ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe dáírẹ́tọ̀ lẹ́yìn, torí kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni rí. Kò sì sí ẹni tó ta kò ó tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

“Àbúrò mi, jókòó. Ta ló sọ fún ẹ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dè é?”

“Òṣìṣẹ́ bọ́ílà ni, sà.”

“Èwo nínú wọn? Èyí tó wà níbẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, a ò tíì gba ẹlòmíì. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ló ń bá wa ṣọ́ ọ.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Wáyà yẹn náà, mo ti ní kí wọ́n tú u. Ohun tí a ti tún ṣe, ṣé ewu ńlá náà la ó ṣì máa pè é? Kọ ọ́ pé ewu kékeré ni, a ti ṣàtúnṣe. Ìwé tí a fẹ́ fi sọ ẹ́ di òṣìṣẹ́ gidi wà níwájú mi níbí. Mo sì gbọ́ pé ọkọ rẹ ò tíì ríṣẹ́.”

Ó mọ̀ pé ọwọ́ ìgbìmọ̀ ló yẹ kí ìwé yẹn wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí òun ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ní àwọn ti ṣàtúnṣe, ọ́dítọ̀ gbọ́dọ̀ padà lọ fojú rí i kó tó yí ohun tó kọ padà. Kò lọ. Ẹ̀rù ẹni tó lè pàdé níbẹ̀ ń bà á. Ẹ̀rù pé wáyà náà lè ṣì wà níbẹ̀ ń bà á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó pa “wọ́n fi wáyà dè é” rẹ́, ó kọ “ó yẹ kí àmójútó túbọ̀ dára sí i”. Bó ṣe ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ ni òórùn irun tó jóná ń kún ọ́fíìsì. Ó ṣí fèrèsé, ó ń kọ lọ.

Ìgbìmọ̀ gba ìròyìn náà, wọ́n ní kó kú iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ní kó kú oríire, ojú sì tì í débi pé kò lè wo ojú ọkọ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá bọ́ílà, tó ń de bọ́tìnnì aṣọ iṣẹ́ búlúù tuntun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń dán. Ó tẹrí ba, ó kí i, ohùn ọkùnrin ọjọ́sí náà sì ni.

“Ṣé o mọ̀ mí?” ọ́dítọ̀ bi í.

“Rárá o, mà. Òní ni mo bẹ̀rẹ̀.”

“Má wọlé. Mo bẹ̀ ẹ́, padà sílé. Bọ́ílà yẹn ò dáa.”

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Háà, àbí ẹ̀yin ni ọ́dítọ̀? Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ̀rù bọ́ílà ń ba ìyá mi, ó ní n ò ní gba iṣẹ́ yìí láéláé. Ọ̀gá ló mú ìròyìn yín jáde, ló kà á fún un. Ìyá mi ní níwọ̀n ìgbà tí ìyá ọmọ bíi tòun ti lọ wò ó, ọkàn òun balẹ̀.”

Ó ṣílẹ̀kùn. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ́dítọ̀ ti rí wáyà náà lórí fáàfù, dídè pinpin.

Ó rá apá òsì ọmọkùnrin náà mú, ó fà á. Ọmọkùnrin náà ò tíì gbẹ́sẹ̀ kan wọlé, ṣùgbọ́n apá aṣọ tuntun náà ti gbóná débi pé kò lè dì í mú mọ́.