Ìdákẹ́jẹ́ Tí Kò Ní Ewúrẹ́ Nínú

Ẹsẹ̀ Noémie ń lọ, ó ń bọ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Aṣọ ilé-ìwé keje ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, mẹ́wàá ni wọ́n sì fẹ́ gbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí táksí dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀ ní Savalou, kò gbójú sókè. Ẹni tó ń rán apá aṣọ kì í wo ojú ọ̀nà.

"Ìyàwó, ti yín rèé." Boukari ni, awakọ̀ tó ń ná Bantè. Ó na ìdì kékeré kan tí wọ́n fi bébà ṣúgà wé sí i. "Ìyá rẹ ní ọdún kan pé lónìí tí ẹ ti ṣègbéyàwó. Ó ní ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọdọ̀ dá gbọ́ ọ. Kí ẹ gbọ́ ọ pọ̀."

Kásẹ́ẹ̀tì tuntun kan ló wà nínú bébà náà. Àwọn òbí Noémie ní Pira, lápá Bantè, kò mọ̀wé, nítorí náà ẹnu ni wọ́n fi kọ lẹ́tà wọn. Ó gbé e sínú àpótí abẹ́rẹ́, ó sì tún ẹsẹ̀ mọ́ iṣẹ́.

Ọdún 1986 ni. Odindi ọdún kan ló ti lò nílùú tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ èdè Màhì. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń náwó ọjà lédè náà, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí olóyún àti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọkọ rẹ̀ bá lọ kan igi òrùlé lóko, ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá tí Noémie kò ní rẹ́rìn-ín.

Òjò ló so wọ́n pọ̀. Ní ọjọ́ ọjà kan ní Bantè, òjò dé lójijì, gbogbo ènìyàn sì ń sá. Noémie rí ọkùnrin kan tó ń rìn bọ̀ láìyára, ilẹ̀kùn tuntun kan lórí rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ gbẹ bí inú ilé. Ọkùnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Wọlé," ló wí.

"Ilé wo?"

"Kò tíì ní ògiri, ṣùgbọ́n ó ti ní ilẹ̀kùn."

Èdè Ìṣà, èdè ilé Noémie, ń kọsẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ọmọdé tó ń kọ́ ìrìn. Noémie rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé. Siméon lorúkọ rẹ̀, kápẹ́ńtà ará Savalou ni, ọmọ Màhì. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ ọjà tí kò rí ilẹ̀kùn gbé wá sí Bantè.

Nathanaël, bàbá Noémie, kò fẹ́. Ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo lòun bí, òun kò bí i fún ilé tí òun kò ní gbọ́ èdè wọn. Àwọn àgbà ìjọ aláṣọ funfun bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn òbí jáde wá súre, ìyá nìkan ló jáde. Bàbá jókòó, ó ki ọwọ́ bọ àárín orúnkún.

"Mo ti fún wọn lọ́mọ," ló wí. "Ọ̀rọ̀ kọ́ ni wọ́n wá tọrọ."

Láti ọjọ́ náà, kò pe orúkọ Siméon rí. Ohun kan ṣoṣo tí Noémie sì ń retí nìyẹn: kí bàbá rẹ̀ pe orúkọ náà.

Nírọ̀lẹ́, ó yá rédíò kásẹ́ẹ̀tì Saratou, aládùúgbò tó ń ta aṣọ, ó sì ra bátìrì tuntun sí i. Siméon wẹ eruku igi kúrò lára. Wọ́n jókòó sórí ẹní kan náà, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, odó ń dún níbìkan, ìyá sì wúkọ́.

"Noémie. Siméon. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó dáadáa. Ẹ kú ọdún kan. Ọjọ́ ìgbéyàwó yín ṣì wà lójú mi. Ẹ bá mi kí ìyá Siméon, ó tọ́ ọmọ. Bí ìjà bá dé, ẹ má ṣe gbé e dé orí ẹní. Kí omi má gbẹ nínú ìkòkò yín."

Ó dákẹ́. Àmín ló ń dúró dè.

"Àmín," ni Noémie wí.

"Àmín," ni Siméon wí, ó pẹ́.

"Ìwọ, yára," ni Noémie wí. "Àdúrà ti ń kọjá lọ."

Ìyá súre fún ilé, fún iṣẹ́ ọwọ́, fún ọmọ tó ń bọ̀, ó sì ń fi àyè Àmín sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níkẹyìn ó ní, "Ó ku bàbá yín. Ó ní kí gbogbo wa jáde."

Nǹkan dún pá. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́. Wọ́n dúró títí kásẹ́ẹ̀tì fi tán. Wọ́n yí i padà. Ìdákẹ́jẹ́ náà ni.

Siméon dìde. "Ó ti sọ̀rọ̀ bó ṣe fẹ́ sọ ọ́," ló wí, ó sì lọ sídìí igi rẹ̀. Kò bínú. Ìyẹn ló dun Noémie jù.

Ó ku òun nìkan. Ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà, ó tún gbọ́ ibi tí ìyá ti parí, ó sì gbé etí sún mọ́ ọn. Kò sí ewúrẹ́. Kò sí odó. Kò sí ìgbálẹ̀, kò sí ẹyẹ. Ilé bàbá rẹ̀ kò dákẹ́ báyìí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Bí bàbá bá jókòó síbẹ̀ tó kọ̀ láti sọ̀rọ̀, àwọn ewúrẹ́ ì bá sọ tiwọn.

Ó wo àwọn bọ́tìnì náà. Méjì ni wọ́n ń tẹ̀ pọ̀ kí ó tó gbohùn. Ẹni tó bá tẹ ọ̀kan ṣoṣo yóò rí i tó ń yí, ṣùgbọ́n kò ní gbà á.

"Siméon," ló ké sí i. "Àwa ń lọ sí Pira lọ́la."

Saratou jẹ́ kí wọ́n gbé rédíò náà lọ. Ó ní bó bá jábọ́, kí àwọn náà má wulẹ̀ padà wá.

Bàbá wà lábẹ́ igi máńgò rẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ fá èrúkọ́. Kò dúró de ìkíni wọn.

"Ṣé ẹ gbọ́?" ló bi wọ́n.

Noémie kúnlẹ̀. "Bàbá, kò gbà á. Ọ̀kan lẹ tẹ̀."

"Ó ń yí. Mo rí i tó ń yí."

"Ó ń yí, Bàbá, ṣùgbọ́n kò gbọ́."

Nathanaël gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó wo Siméon tó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, ó wò ó pẹ́. "Mo sọ ọ́ títí oòrùn fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà," ló wí, ohùn rẹ̀ kò lágbára mọ́.

"Ẹ tún un sọ."

"Lójú rẹ̀?"

"A óò jáde."

Noémie gbé rédíò náà lé orí àpótí nínú yàrá bàbá rẹ̀. Ó mú ìka bàbá méjì, ó gbé wọn lé bọ́tìnì méjèèjì, ó sì tẹ ọwọ́ tirẹ̀ lé wọn lórí. Ó dìde, ó jáde, kò wẹ̀yìn.

Aṣọ lásán ló bo ẹnu ọ̀nà náà. Níta, ewúrẹ́ ké. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́ ohùn àgbàlagbà tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó sì wí pé, "Siméon, ọmọ mi."

Siméon gbójú sí ilẹ̀.

"Yàrá bàbá wa kò ní ilẹ̀kùn," ló wí. "Mà á kan ọ̀kan."

Noémie fà á lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀, kí wọ́n má baà gbọ́ èyí tó kù kí kásẹ́ẹ̀tì tó sọ ọ́. Nígbà tí bàbá jáde, ó na kásẹ́ẹ̀tì náà sí wọn, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ lọ gbọ́ ọ nílé yín," ló wí.

Noémie dì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀, ó gbé rédíò Saratou lé orí, wọ́n sì bọ́ sójú ọ̀nà.