Oníke Kò Yáwó San Gbèsè Mọ́

Ọjọ́ tí káfíńtà kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Oníke, ó bá a níbi tó ti ń wo fóònù, tó ń yọ ṣùtì bí ẹni tó rí aáyán nínú oúnjẹ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Nǹkan tí mo kà ló ń rí mi lára." Ó ki fóònù bọ àpò. "Ṣé ẹ̀yin ni káfíńtà? Ẹ wo ibi tí pẹpẹ mi wà."

Pẹpẹ ti já lulẹ̀. Bááfù, korobá, asẹ́ àti ife oníke kún ilẹ̀ débi pé kò síbi tí èèyàn máa gbẹ́sẹ̀ lé. Nítorí ọjà yìí ni gbogbo èèyàn ṣe ń pè é ní Oníke. Káfíńtà bọ́ bàtà, ó rọra ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ láàárín bááfù bí ẹni tó ń sọdá odò. Oníke bú sẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n máa rẹ́rìn-ín yín. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo rẹ́rìn-ín kẹ́yìn," ó wí.

"Ẹ máa rín in. N ò ní gbowó fún ìyẹn."

Ó kan pẹpẹ náà dáadáa. Lọ́jọ́ kejì ó tún padà wá, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá ó ṣì dúró. Lọ́jọ́ kẹta ó tún wá wò ó. Nígbà tí oṣù fi máa parí, ó ti ń pè é ní àyànfẹ́, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, pẹpẹ náà sì ni pẹpẹ tí wọ́n yẹ̀ wò jù ní gbogbo àdúgbò.

Ohun tí Oníke kò sọ fún un ni ohun tó ń rí i lára lórí fóònù. Gbèsè ni.

Ọ̀dọ̀ ilé ìyánilówó kan ló ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin oníṣòwò márùn-ún ni wọ́n máa ń dì pọ̀ sí ẹgbẹ́ kan, kí wọ́n máa ṣe onídùúró fún ara wọn. Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, wọ́n yọ mẹ́wàá pé kí ó wà lọ́wọ́ àwọn títí yóò fi san tán, àádọ́rùn-ún ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni yóò máa san lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún. Ó fi owó náà ra dúrọ́ọ̀mù olómi ńláńlá. Èrè dúrọ́ọ̀mù pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í tètè tà, ọ̀sẹ̀ ní tirẹ̀ sì máa ń tètè pé.

Ọ̀sẹ̀ kan tí owó kò pé, ó yá lọ́wọ́ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Ó béèrè ogún ẹgbẹ̀rún, mẹ́rìndínlógún ló wọlé, méjìlélógún ni yóò dá padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ti fóònù pé, ó lọ bá bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Sọ̀gúndogójì. Ó gba ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún lọ́wọ́ rẹ̀. Mẹ́fà ni èlé rẹ̀ lóṣooṣù, tí èèyàn bá sì san èlé náà fún ọdún kan, ọgbọ̀n yẹn ṣì wà ní ọgbọ̀n, àfi kí ó kó o wá lẹ́ẹ̀kan náà. Kí Oníke lè rí èlé yìí san, ó tún padà sórí fóònù. Fóònù á yìn ín pé oníbàárà dáadáa ni, á sì fi kún iye tó lè yá. Bí owó ṣe ń jáde lápò olówó kan ló ń bọ́ sí ti òmíràn. Oníke kàn ń fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà ni, gbogbo ìgbà tó bá sì kàn án ló ń tóbi sí i.

Àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí fóònù láti yá ìyókù. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ yọ sí i ni, "A ti ń retí yín, ọ̀rẹ́ wa ọ̀wọ́n." Ó dà bíi pé ẹlẹ́gbin kan ń fọwọ́ pa á lórí. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí ibi tó yẹ kó tẹ̀, kò lè tẹ̀ ẹ́.

"Ó tó," ó dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náà, ó gba ìpàdé lọ.

Níbẹ̀, ọkùnrin tó máa ń gbowó fún ilé ìyánilówó ń tọ́ àtàǹpàkò lá, ó ń ka owó. Oníke dìde láàárín àwọn obìnrin mẹ́rin tó kù.

"Mẹ́ta ni mo ní. Èmi náà mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa fi méjì kún un. Mo ti ń yá owó káàkiri láti san tibí, n ò ṣe é mọ́. Ìyókù ọ̀sẹ̀ mi, mo máa san án láti inú ohun tí mo bá tà. Méjì tí ẹ bá bá mi san, mo máa dá a padà fún yín kí n tó fi owó ra ọjà."

Obìnrin kan pòṣé. "Ìwọ lo fi owó ra dúrọ́ọ̀mù, àṣé àwa lo fẹ́ kí ó máa pọnmi sí i."

Ojú ń ti Oníke, ìríra ara rẹ̀ sì kún inú rẹ̀. Àmọ́ olórí ẹgbẹ́ ló fi méjì náà lélẹ̀. Ó ní, "Ó sàn ju kí ó sá lọ. Bí ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ bá ku méjì péré, ẹ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín dí i." Ọkùnrin náà ráhùn, ó sì gbà.

Láti ibẹ̀ Oníke lọ sílé Sọ̀gúndogójì. Bàbá náà jókòó sórí àga, ó ń fi igi tínrín ta eyín.

"Bàbá, n ò san èlé lásán mọ́. Mo fẹ́ máa gé ọgbọ̀n náà fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí èlé sì máa dín bó bá ṣe ń dín."

"Èlé ni mo ń jẹ, ọmọ mi."

"Bí mo bá sá lọ, kí lẹ máa jẹ?"

Bàbá náà tu ohun tó rí ní eyín sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Máa mú un wá."

Àwọn ti fóònù ni kò gbà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ọjọ́ ìsan kọjá, wọ́n fi àwòrán Oníke ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ̀, wọ́n kọ "OLÈ" sábẹ́ rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọjà fún un. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá káfíńtà, tí Oníke ti bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré.

Káfíńtà wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó jókòó sórí korobá.

"Màmá mi ní òun ò fẹ́ olè nílé òun."

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní o kì í ṣe olè." Ó gbójú sókè. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo ń kórìíra ara mi. N ò fẹ́ kí ìwọ náà tún kórìíra mi." Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí dúrọ́ọ̀mù dé orí bàbá oníèlé.

Ara káfíńtà fúyẹ́. "Ṣé èyí náà ni? Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tiwa máa yá mi. Èlé wọn kéré. Lọ́la la máa san gbogbo wọn, àyànfẹ́ mi, kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀."

Oníke mi orí. "Rárá."

"Rárá kẹ̀?"

"Bí o bá yáwó kí n fi san gbèsè, gbèsè náà ò tán. Ọrùn rẹ ló kàn kó sí. Èmi á sì mí kanlẹ̀, màá tún ra dúrọ́ọ̀mù, màá tún yá. Mo mọ ara mi. Olówó kẹrin lo fẹ́ di yẹn, n ò sì fẹ́ kí ojú rẹ máa rí mi lára bíi tiwọn."

Ó bí káfíńtà nínú gan-an. Ó ní ìgbéraga ló ń ṣe é, ó dìde, ó lọ. Pẹpẹ kò tún rí ẹni yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Oníke sunkún, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Ó ta àwọn dúrọ́ọ̀mù ní iye tó rà wọ́n, àwọn tó sán díẹ̀ ní ìdajì. Owó tó bá wà lọ́wọ́ nìkan ló fi ń ra ọjà, ohun tó sì máa tà láàárín ọjọ́ mélòó kan ló ń rà: ife, asẹ́, àwo ọṣẹ. Èrè wọn kò tó nǹkan, àmọ́ wọ́n ń yí kíákíá. Ti ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ ń yọ sọ́tọ̀, torí àwọn èèyàn ló dúró fún un níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ti fóònù rí i pé èébú kò mú owó wá, wọ́n pè é. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin ní kí ó yá òmíràn fi san èyí.

"N ò yá," Oníke wí. "Ẹ yọ owó ìtanràn tí ẹ fi kún un kúrò, màá pín ìyókù san lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó kọ ọ́. Ó san án, ó nu fóònù rẹ̀ bí ẹni tó ń nu ikun.

Ọjọ́ kan, ìyá káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Oníke kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ mà."

"Ọmọ mi ní o kọ owó tóun fẹ́ yá fún ọ. Mo rò pé irọ́ ló ń pa láti fi tàn mí."

"Kì í ṣe irọ́, mà."

"Kí ló fà á?"

"Tí n bá gbà á, ẹ̀yin lẹ máa jàre mà. Ẹ máa ní mo wá jẹ ọmọ yín run ni."

Ìyá náà yẹ àwọn ife wò, ó mú mẹ́fà, ó san owó rẹ̀ pé pérépéré láìná an. Ó yíjú padà nígbà tó fẹ́ máa lọ. "Kò jẹun dáadáa láti ìgbà tẹ́ ẹ ti jà. Màá sọ fún un pé mo ti rí ọ."

Káfíńtà wá lọ́jọ́ kejì. Kò wo pẹpẹ.

"Má bínú. Mo rò pé bí mi ò bá bá ọ san gbèsè náà, mi ò wúlò ni."

"Wá máa jókòó tì mí," Oníke wí. "Ìyẹn ni mo nílò."

Ó ń jókòó tì í. Nígbà tó ku owó ìkẹyìn Sọ̀gúndogójì, wọ́n jọ gbé e lọ. Bàbá náà kà á tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ tó lóòógùn sí èjìká Oníke. "Ọmọ dáadáa. Ọgọ́ta wà níbí fún ọ bó o bá fẹ́, lónìí olónìí."

Oníke yẹra fún ọwọ́ náà. Nígbà tí wọ́n dé ìta, ó tẹ̀ba létí gọ́tà, ó bì. Káfíńtà di ìborùn rẹ̀ mú títí ó fi bì tán, ó sì bu omi fún un.

"Fẹ́ mi," káfíńtà wí.

"Báyìí? Pẹ̀lú èébì lẹ́nu?"

"Báyìí."

Oníke fi omi yọ ẹnu. "Ṣé o jẹ ẹnikẹ́ni lówó?"

Ó ronú. "Mo jẹ oníplánkì ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin."

"Lọ san án ná."

Ó lọ san án lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, ìyá káfíńtà ló mú ọwọ́ Oníke lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnì kan láàárín àwọn obìnrin ẹgbẹ́ béèrè lọ́wọ́ Oníke bóyá ó ti wá bọ́ lọ́wọ́ àwọn olówó báyìí. Oníke wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ó ku ẹyọ kan. Olówó orí mi rèé."