Ẹni Tó Wà Ní Ìdí Okùn

"Ta ló tún ká ẹní mi nílẹ̀?"

Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn eré ìdárayá ni Chiu Pei-hua dúró sí, àpò ṣì wà léjìká rẹ̀. Ibi tó yẹ kí ẹní rọ́bà àwọn afokùn wà, ilẹ̀ pákó lásán ló ń wò ó lójú. Wọ́n ti ká ẹní náà, wọ́n sì ti fi ti ògiri. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́sàn-án tó ń kọ́ ní fífa okùn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fi báńdéèjì di ìka.

"Àwọn akọrin ni, Kóòṣì," ni Wan-ling, olórí ẹgbẹ́, dáhùn. "Wọ́n ní ẹní wa ń rùn, pé òórùn rẹ̀ ń dí àwọn lọ́fun."

"Ó ń rùn! Ṣé lọ́fínńdà ni wọ́n fẹ́ kí ẹ máa làágùn ni? Ẹ dìde jàre, ẹ bá mi tẹ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yìí ti sú Pei-hua dé góńgó. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi fa okùn fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, títí ìka rẹ̀ fi wọ́, tí kò lè nà tán mọ́. Ní báyìí, ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú Luodong ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti jáde níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ girama àdúgbò rẹ̀ ló ń gbà lọ, láti kọ́ àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un. Tíṣà Lo, olùkọ́ eré ìdárayá, ni orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò nìkan ni tíṣà ọ̀hún máa ń yọjú.

Èyí tó wá ká Pei-hua lára jù ni ohun tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ. Ó ní bí ẹgbẹ́ afokùn kò bá ṣe ipò kẹta, ó kéré tán, nínú ìdíje agbègbè, òun á gba ààyè wọn fún àwọn tó ń gbá badmíńtọ̀nì. Ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ tú ká nìyẹn.

"Ẹ bọ́ sórí òṣùwọ̀n," ni Pei-hua wí nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹní tán. "Lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fò lórí ẹ̀, kì í ṣe ibùsùn bàbá yín."

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí: ẹni mẹ́jọ ló ń fa okùn, wọn á sì ro ìwọ̀n àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀. Ní ìpele tiwọn, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kìlò lọ. Bó bá fi díẹ̀ lé, wọn ò ní jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà fọwọ́ kan okùn. Lọ́jọ́ náà, kìlò méjì ni wọ́n fi lé.

"Kò burú," ni Pei-hua wí. "Kìlò méjì láàárín ẹni mẹ́jọ, kí ni ìyẹn jẹ́? Ẹ fi tíì oníwàrà yẹn sílẹ̀ títí ìdíje yóò fi kọjá. Àwọn hóró dúdú inú rẹ̀ tí ẹ ń fà mu yẹn, ṣúgà lásán ni. Ẹ máa jẹ ìrẹsì yín, ẹ máa jẹ ẹyin yín. Ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, Kóòṣì!"

Àmọ́ bí Pei-hua ti yíjú láti bu ìyẹ̀fun oje igi tí wọ́n fi ń pa àtẹ́lẹwọ́ kí okùn má bàa yọ̀, Wan-ling fi ìgbúnwọ́ gún Yen-ju níhà. "Ṣó o gbọ́? Ìwọ ni Kóòṣì ń bá wí o. Kìlò méjì yẹn, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ nìkan ló wà."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Yen-ju náà rẹ́rìn-ín. Òun ló sanra jù nínú wọn, òun ló sì ń dúró ní ìdí okùn. Ẹni tó wà níbẹ̀ á gba okùn kọjá lábẹ́ abíyá, á gbé e gba ẹ̀yìn, á mú un wá sórí èjìká kejì. Bí àwọn méje iwájú bá ń mì, òun kì í mì. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bí nǹkan bá ń dùn ún, kò ní sọ. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò wí i fún un?

Láti ọjọ́ náà ni Yen-ju ti ń gbé páálí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í ní kíláàsì. Ó ń wọ aṣọ òjò sáré yí pápá ká lóòrùn gangan. Bí Pei-hua bá sì dé nírọ̀lẹ́, ohun tó máa ń sọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà náà ló ń sọ fún un: "O ti jẹun?" Bí wọ́n ti ń kíra wọn nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá sì kí bẹ́ẹ̀, "Mo ti jẹ" ni yóò dáhùn, ebi ì báà máa pa á kú lọ. Ta ló ń dúró ro ìkíni?

"O ti jẹun, Yen-ju?"

"Mo ti jẹ, Kóòṣì."

Ó parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje, àwọn aláṣẹ gbé wọn sórí òṣùwọ̀n láàárọ̀, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ mọ́ wọn lápá. Nígbà tí wọ́n rò ó pọ̀, ó fi kìlò mẹ́rin dín sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Àwọn ọmọ hó yèè. Tíṣà Lo, tó ti gbé kámẹ́rà dé, pàtẹ́wọ́.

"Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́! Mẹ́rin! A ti fúyẹ́!"

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" Ohùn Pei-hua le. "Tíṣà, ṣé eré sísá la wá sá ni? Ìwọ̀n tí a kò kó wá, ẹ̀bùn la fi ta àwọn tí a fẹ́ bá fà. Àwọn ti kún dé ẹnu. Ibo ni kìlò mi wọlẹ̀ sí?"

Ó wo iye tí wọ́n kọ síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Yen-ju nìkan ti pàdánù ju kìlò mẹ́ta lọ. Pei-hua gbójú sókè wo ọmọ náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jìn.

"Yen-ju, o ti jẹun?"

"Mo ti jẹ, Kóòṣì."

"Mi ò kí ẹ o. Ìbéèrè ni mo bi ẹ́. Kí lo jẹ?"

Yen-ju fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀ bo òǹtẹ̀ apá rẹ̀.

"Kí lo jẹ lánàá?"

"Ápù kan."

"Áà! Ẹ gbà mí!" Pei-hua fi ọwọ́ méjèèjì di orí. "Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Mo ní kẹ́ ẹ fi tíì sílẹ̀, mo ní kẹ́ ẹ jẹ ìrẹsì. Ṣé èdè Ṣáínà tí gbogbo wa ń sọ yìí kò yé ẹ ni?"

"Ẹ má bínú, Kóòṣì. Mo lè fà á. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sẹ́lòmíì tó lè dúró nídìí okùn."

Òótọ́ ni. Pin-yu, ẹni kẹsàn-án tí wọ́n fi pamọ́ fún ìpààrọ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀. Pei-hua ro ti ẹní, ó ro ti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, inú sì tún wá bí i sí ara rẹ̀ pé òun ń rò ó. Ó ki ìrẹsì dídì méjì bọ ọmọ náà lọ́wọ́. Ó jẹ́ kó fà. Àmọ́ oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ kan kò lè dí kòtò tí ebi ti ń gbẹ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àti òógùn dé ìjà ipò kẹta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa ẹnìkejì kọjá ààlà lẹ́ẹ̀mejì ló ni ín.

"Ẹ mú okùn!" ni adájọ́ wí. "Ẹ fà á le! Dúró! Fà!"

Àkọ́kọ́, tiwọn ni. Wọ́n sùn sẹ́yìn pọ̀, ẹsẹ̀ wọn ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹsẹ̀ ẹnì kan, Pei-hua sì ń fi ọwọ́ júwe ìṣísẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó rí i bí ẹsẹ̀ Yen-ju ti ń yọ̀ lórí ẹní. Okùn mì. Ìdí ọmọ náà kan ilẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ sì nìyẹn. Adájọ́ nàka, ó kìlọ̀. Yen-ju dìde, ìdí rẹ̀ tún kan ilẹ̀. Àwọn tó wà lódìkejì fà wọ́n lọ ràì.

Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí yóò yanjú ọ̀rọ̀. Ètè Yen-ju ti funfun.

"Mo ṣì lè ṣe é," ló ń wí. "Kóòṣì, ẹní wa ńkọ́?"

"Kí ẹní máa lọ!" ni Pei-hua jágbe mọ́ ọn. "Bọ́ okùn yẹn sílẹ̀. Wan-ling, bọ́ sídìí okùn. Pin-yu, wọlé."

"Kóòṣì, a máa pàdánù!" ni Tíṣà Lo pariwo.

"Mo mọ̀, Tíṣà. Ojú mi ò fọ́. Ẹ bá mi fún ọmọ yẹn lómi."

Wọ́n pàdánù. Wan-ling rọ̀ mọ́ ìdí okùn bí ẹni tó rọ̀ mọ́ ẹ̀mí. Èjìká rẹ̀ bó, ṣùgbọ́n kò lè dúró níbi tí Yen-ju máa ń dúró.

Nínú bọ́ọ̀sì, ẹkún ni Wan-ling ń sun. "Èmi ni, Kóòṣì. Èmi ni mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wúwo. Eré ni mo ń ṣe."

"Eré!" Pei-hua mí kanlẹ̀. "Ẹyin lohùn, ọmọ yìí, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ìwọ̀n tó o fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń gbé gbogbo yín ró. Lónìí tó o dúró nídìí okùn, ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Kóòṣì."

Ó yíjú sí Yen-ju. "Ìwọ náà, má rò pé mo ti tán lọ́rọ̀ rẹ. Inú ń bí mi débi pé mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. O fi ebi pa ara rẹ nítorí àwọn méje, o sì dákẹ́ fún àwọn méje. Okùn tí ẹni mẹ́jọ jọ ń fà, kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá nìkan pinnu níbẹ̀. Ara rẹ tó o gé kù, ẹgbẹ́ lo gé kù. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn ẹ́, sọ ọ́! Bí ebi bá ń pa ẹ́, sọ ọ́! Èmi náà tí mò ń béèrè lójoojúmọ́ tí mi ò dúró gbọ́ èsì, mo jẹ̀bi tèmi."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ti gbé ẹní lọ sí yàrá ẹrù. Pei-hua wá kó bàtà rẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn jáde, ibi tí wọ́n gbé igi kan dúró sí, tí okùn gba orí rẹ̀ so mọ́ àgbá tó kún fún òkúta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fà láti mú ara le. Àwọn ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti tò síbẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ta ló pè yín? Ẹgbẹ́ ti tú! Kò sí ìdíje kankan mọ́, ẹ ò gbọ́ ni?"

"Èmi ni mo pè wọ́n," ni Yen-ju wí. Gbogbo wọn yíjú wò ó, torí kò tíì sọ̀rọ̀ sókè bẹ́ẹ̀ rí. "Mo ti lọ bá ọ̀gá. Mo ní èmi ni mo fa ìpàdánù, kì í ṣe Kóòṣì. Kò dá ẹní padà. Ó ní a lè máa lo ẹ̀yìnkùlé."

"Ẹ̀yìnkùlé," ni Pei-hua wí. Ó wo ẹrẹ̀, ó wo ojú ọ̀run tó ti ṣú. "Ọmọ wọ̀nyí máa pa mí."

Yen-ju ti lọ sí ìdí okùn. Ó gbà á kọjá lábẹ́ abíyá, ó gbé e sórí èjìká. Ó pe Wan-ling, tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. "Wan-ling, mo wúwo. Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé mo wúwo, mi ò sì ní dín in kù. Bó o bá tún fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, yíjú sí mi kó o wí i báyìí."

Wan-ling yíjú sí i. "Mi ò ní nǹkan kan láti wí," ló dáhùn. "Ṣá má kúrò lẹ́yìn mi."

"Ó tó gẹ́ẹ́!" ni Pei-hua kígbe, ó ń bọ́ bàtà ilé ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀. "Ẹnu kì í fa okùn. Ẹ mú un!"

Wọ́n sùn sẹ́yìn, àgbá òkúta sì gbéra nílẹ̀.