Ohun Tí Odile Kò Fẹ́ Rò

Omi ń ro tótó lára ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ìyeyè tí Lachlan Rankin wọ̀ wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, irú èyí tí àwọn apẹja ń wọ̀. Ó ga, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé pẹlẹbẹ kan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Odile Surette gbójú sókè nídìí tábìlì rẹ̀, ó sì gbàgbé ohun tó ń kà.

Yàrá tí wọ́n ti ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lórí ìwé kíkọ ni ibẹ̀, ní yunifásítì kan ní Halifax. Odile ń ṣe máàsítà, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ọdún kejì ni Lachlan wà nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi díẹ̀ ju Odile lọ lọ́jọ́ orí. Inú ọkọ̀ ìpẹja bàbá rẹ̀ ní Cape Breton ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀ kó tó wá kàwé.

"Ẹ káàsán, mà. Wọ́n ní kí n tún àròkọ yìí kọ."

Odile kà á. Láti òkè délẹ̀, kò sí àmì ìdánudúró kan ṣoṣo níbẹ̀. Olùkọ́ ti fi gègé pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ibo ni kí n ti mí?" Odile fẹ́ pa ẹ̀rín náà mọ́ra, kò ṣeé ṣe.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni Lachlan wí. "Ìṣàn èrò ni wọ́n ní ká kọ nípa rẹ̀. Mo rò pé ohun tó bá ṣáà ti wá sọ́kàn òǹkọ̀wé ló ń dà sínú ìwé, láìtún un ṣe. Lèmi náà bá da tèmi."

"Kò burú. Jókòó. Má sì pè mí ní mà mọ́, mi ò bí ẹ."

"Ó dáa, Tíṣà."

Orúkọ yẹn ló ń pè é láti ọjọ́ náà lọ, kò sì yéé fi 'ẹ' pọ́n ọn lé. Ó sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún un láìfi bò. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó padà wá sójú omi, nítorí ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti lọ. Bí àròkọ yìí bá tún wó, yóò palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kò sì ní padà wá. Odile gbọ́ ọ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí tó fi délé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Odile ṣàlàyé pé àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ló kọ́kọ́ sọ pé èrò kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín lọ́kọ̀ọ̀kan, pé odò tó ń ṣàn ni, àwọn òǹkọ̀wé sì wá ọ̀nà tí wọn yóò fi kó odò náà sínú ìwé. Ọ̀nà náà ju ẹyọ kan lọ. Ó kọ ọ́ sórí pátákó:

Ó wo aago, ó sì rò pé òun ti pẹ́.

Ó wo aago. Ó mà ti pẹ́ o. Àbí wọ́n ti lọ ni?

Aago. Mo ti pẹ́. Wọ́n á ti lọ. Bàtà yìí náà, ó ń ta mí.

"Ní àkọ́kọ́, asọ̀tàn ló ń jíṣẹ́ fún wa," ló wí. "Ní ìkejì, asọ̀tàn ṣì ń sọ pé 'ó', ṣùgbọ́n ohùn ẹni tó pẹ́ yẹn gan-an lò ń gbọ́. Ní ìkẹta, asọ̀tàn ti bọ́ sẹ́yìn, inú orí onítọ̀hún la wà."

"Bàtà ńkọ́? Kí ni bàtà wá ṣe níbẹ̀?"

"Ara ló ń pe èrò. Òórùn, ariwo, bàtà tó fún, èyíkéyìí lè gbé ọkàn lọ sí ogún ọdún sẹ́yìn kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ló yan bàtà yẹn. Ó lè tún ojú ìwé kan kọ títí tí yóò fi dà bí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tún kọ rárá."

"Jìbìtì gbáà nìyẹn."

"Iṣẹ́ ọnà nìyẹn, oníyẹ̀yẹ́."

Báyìí ni òjò ìgbà ìrúwé ṣe ń rọ̀ tí wọ́n sì ń kàwé. Lachlan a máa gbé búrẹ́dì tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ wá, Odile a máa bá a jẹ ẹ́ pẹ̀lú bọ́tà, a sì máa sọ̀rọ̀ bàbá tirẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, fún un. Odile ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sọ ọ́, nítorí òfin ibi iṣẹ́ wọn kò gba kí ẹnikẹ́ni máa fẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó ku ọ̀la kí àròkọ wọlé, nǹkan kan kò sì tíì yé Lachlan. Ìtàn tó ń kọ nípa rẹ̀ dá lórí opó kan tó ń tẹ́ tábìlì oúnjẹ. Láti orí ṣíbí, èrò obìnrin náà fò sórí fìlà, láti orí fìlà ó fò sórí ọ̀nà ọsibítù.

"Kí ló so wọ́n pọ̀? Mi ò rí i," ni Lachlan wí.

Odile gbé omi tíì kaná. "Kí omi yìí tó hó, màá máa sọ ohun tó bá wá sí mi lọ́kàn. Àfarawé lásán ni o, ohun téèyàn bá ti sọ síta kì í ṣe èrò gan-an mọ́. Ìwọ ṣáà máa gbọ́."

Ó di ojú.

"Omi ń kùn. Bí ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, òtútù á pọ̀ lójú omi lóṣù karùn-ún. Ife yìí ti ya létí, kí n ra òmíràn. Òwú, mo fẹ́ ra òwú, aláwọ̀ búlúù, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀wọ́ ta ni, ọwọ́ ńlá báyẹn. Ṣé mo ti fèrèsé? Òjò. Ìgbì ti ga jù lónìí, rédíò sọ ọ́. Ìwé tí mo yá, ọjọ́ ti kọjá lórí ẹ̀..."

Omi hó. Ó la ojú. Lachlan ń wò ó, kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ẹ lọ sójú omi, ẹ sá padà sórí ife," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ tún dé ibi ìbọ̀wọ́, ẹ sá lọ sídìí fèrèsé. Ẹ tún débi ìgbì, ẹ sá sídìí ìwé. Nǹkan kan wà láàárín tí ẹ ò fẹ́ fọwọ́ kàn, òun náà ló sì ń fa gbogbo ìyókù." "Ọkọ ló wà láàárín tirẹ̀, àbí? Opó yẹn. Òun ló ni fìlà, òun ló kú sí ọsibítù, kò sì dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

"O ti mọ̀ ọ́n," ni Odile wí. Ojú ń tì í.

"Ta ló wà lójú omi, Tíṣà? Ṣebí tíṣà ni bàbá yín."

Odile da tíì sínú ife. "Lọ kọ àròkọ rẹ, Lachlan. Jọ̀ọ́."

Bó ṣe jáde ni Odile lọ bá ọ̀gá wọn. Ó ní kí wọ́n yọ orúkọ Lachlan Rankin kúrò lábẹ́ òun, kí wọ́n fi í sábẹ́ ẹlòmíràn. Ọ̀gá náà bi í pé kí ló dé. Odile sọ òótọ́, ara sì tù ú.

Àròkọ náà yege. Lachlan fi tẹlifóònù sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun kò ní fi ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ooru, tirẹ̀ ni òun. Bàbá náà kọ́kọ́ bínú. Nígbà tó yá, ó ní kí ó mú obìnrin tí ó ń dárúkọ ní gbogbo ìgbà yẹn wá kí ìyá rẹ̀.

Ní ìgbà ooru ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ọdún kan tí àwọn méjèèjì ti ń bára wọn jáde, Odile dúró létí omi ní Cape Breton, afẹ́fẹ́ ń da irun rẹ̀ rú. Lachlan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ó rìn wá bá a tààrà.

"Ń kò ní yà síbì kankan o," ló wí. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Odile. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fi orúkọ rẹ̀ pè é dípò Tíṣà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Odile wí, "olólùfẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni."

Bàbá Lachlan pariwo láti inú ọkọ̀ pé ẹja kò ní gbé ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn, wọn kò sì dá a lóhùn.