Má Dúró Dè Mí

"Rọra gbé ẹsẹ̀ o! Má tẹ òwú ìyàwó mi mọ́lẹ̀."

Dáníẹ́lì ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ìdí òfì rẹ̀, àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Gbémisọ́lá dúró. Òwú tẹ́ lọ gbọọrọ níwájú àtíbàbà wọn, títí dé ibi òkúta tí wọ́n fi ń fà á le.

"Ìyàwó wo?"

"Ṣé mo ní òmíràn ni? Aṣọ ìgbéyàwó rẹ rèé. Màmá mi ní àwọn ń bọ̀ wá rí àwọn òbí rẹ tí a bá jáde ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ẹ tó kó lọ sí Jọ́ọ̀sì."

"Iṣẹ́ Ṣakí tí ọ̀gá rẹ ní kí o lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ní aṣọ híhun ńkọ́?"

"Mo ti ní n kò lọ mọ́. Jọ́ọ̀sì ni mo ń tẹ̀ lé ọ lọ. N ó rí nǹkan ṣe níbẹ̀."

Gbémisọ́lá mọ̀ pé òun ló fà á. Iṣẹ́ ló gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Jọ́ọ̀sì, gbogbo ilé sì ń kó lọ, níbẹ̀ ni òun náà yóò ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ tí ó sọ èyí fún Dáníẹ́lì, ó ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dáníẹ́lì bèèrè pé, "Àwa ńkọ́?" ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é." Dáníẹ́lì gbà á bí ìlérí.

Misturat ọ̀rẹ́ Gbémisọ́lá rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́. "Gbémi, kí ló le níbẹ̀? Ṣáà máa rẹ́rìn-ín sí i. Tí o bá ti dé ọ̀hún, yí nọ́ńbà rẹ padà. Yóò sú u."

"Tí wọ́n bá ṣe é fún ọ ńkọ́?"

Misturat pòṣé. "Èmi? Màá tọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀, màá sì gbá a létí."

Gbémisọ́lá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lè jẹun. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ Ọlọ́run pé kí ó fún òun ní ẹnu tí kì í purọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá Dáníẹ́lì nígbà tí àwọn ahunṣọ yòókù lọ jẹun. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì.

"Dáníẹ́lì, n kò ní fẹ́ ọ. Tí mo bá ti kúrò ní Ìsẹ́yìn, ìfẹ́ tiwa parí nìyẹn. Jọ̀ọ́, má dúró dè mí, má sì tẹ̀ lé mi."

Ọwọ́ Dáníẹ́lì dúró. "Ta ni o rí?"

"N kò rí ẹnikẹ́ni. O kò sì ṣẹ̀ mí. Ìwọ lo ń sìn mí délé lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin, o kò fi ọwọ́ kàn mí níbi tí kò yẹ rí. N kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wa ti yà."

"Kí ló dé tí o fi ní Ọlọ́run á ṣe é?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo fi orúkọ Ọlọ́run bo ẹ̀rù mi mọ́lẹ̀. Má bínú."

Dáníẹ́lì bèèrè pé, "Ṣé kí n ṣì máa pè ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ló fẹ́ jáde lẹ́nu Gbémisọ́lá. Ó gbé e mì. "Rárá. Tí o bá ń gbọ́ ohùn mi, wàá máa retí mi. Jẹ́ kí ọgbẹ́ jinná ná."

Dáníẹ́lì nu ojú. Ó fọwọ́ kan òwú. "Èyí tó bá já, a máa ń so ó. Èyí tó dẹ̀ tí a kò mọ̀ ló ń ba aṣọ jẹ́. Ó dára bí o ṣe já a."

"Ṣé kí n bá ọ sọ fún màmá?"

"Jẹ́ ká jọ lọ."

Ìyá Dáníẹ́lì gbọ́ ọ, ó mí kanlẹ̀. "Ó dùn mí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n o ṣeun tí o kò jẹ́ kí n dé ilé yín kí ojú wá tì mí. Ọlọ́run á sìn ọ́ lọ."

Ṣùgbọ́n ọ̀gá Dáníẹ́lì ti fi ipò Ṣakí fún ẹlòmíràn. Dáníẹ́lì bẹ̀bẹ̀ títí, igbákejì ẹni náà ni wọ́n fi í ṣe. Gbémisọ́lá gbọ́ kí ilé wọn tó kó lọ, ó sì sunkún, nítorí ó mọ̀ pé gbólóhùn òun, "Ọlọ́run á ṣe é", ló gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ náà, Dáníẹ́lì hun ún parí, ìyàwó mìíràn ló rà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní padà, ẹ sọ ọ́ ní kíákíá, lójúkojú, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àánú kọ́ ni kí a fi ènìyàn sílẹ̀ sínú ìrètí tí a mọ̀ pé kò ní ṣẹ. Òtítọ́ a máa dunni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá sọ ọ́ fún yóò mọ ọ̀nà tí òun yóò gbà.