Ọmọ Tí A Ti Rí, Tí Wọ́n Ṣì Ń Wá

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni Àjọkẹ́, tó ń ta obì ní Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù, mú Fàdìlàt, ọmọ àbúrò rẹ̀, dání lọ sí ibùdókọ̀. Wọ́n fẹ́ lọ kí ẹbí wọn kan tó bímọ ní Likosi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Fàdìlàt.

Wọ́n ti jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tí awakọ̀ wo fóònù rẹ̀, ó wo ojú ọmọ náà, ó tún wo fóònù.

"Màdáámù, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ta lẹ gbé yìí?"

"Ọmọ àbúrò mi ni. Kí ló dé?"

"Àwòrán ọmọ tó sọnù rèé! Wọ́n ní obìnrin oníhíjáàbù ló gbé e."

Kí Àjọkẹ́ tó dáhùn, èrò ti yí wọn ká. Ẹnì kan já híjáàbù tó wà lórí Àjọkẹ́. Òmíràn ń pariwo pé kí wọ́n gbé táyà wá.

Fàdìlàt bọ́ síwájú rẹ̀. "Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n! Àǹtí mi ni. Mo mọ nọ́ńbà bàbá mi lórí. Ẹ pè wọ́n!"

Ilésanmí, alága ibùdókọ̀ náà, pa àwọn èrò lẹ́nu mọ́. Ó kọ́kọ́ pe nọ́ńbà tó wà lórí ìròyìn náà. Kò lọ mọ́. Ó wá fi fídíò pe èyí tí ọmọ náà kà fún un. Hussain, bàbá Fàdìlàt, yọjú lórí fóònù.

"Ọmọ mi nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi sì nìyẹn! Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn la wá a fún wákàtí méjì. Inú ìsọ̀ obì la ti bá a, oorun ló gbé e lọ."

Ilésanmí bi Hussain ní orúkọ ìyá ọmọ náà, ó sì bi ọmọ náà. Orúkọ kan náà ni wọ́n dá. Ó tọrọ àforíjì, ó sì ní kí awakọ̀ náà tọrọ tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, Hussain ò lè sẹ́. Òun ló kọ ìròyìn náà nígbà náà, nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́ tí kò lò mọ́ ló sì wà lórí rẹ̀. Kò fi ọjọ́ sí i, kò sì kéde pé ọmọ ti délé. Ẹlòmíràn ló fi ọ̀rọ̀ obìnrin oníhíjáàbù kún un lójú ọ̀nà.

Wọ́n tún rí i pé Alhájì Yésúfù, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, ló fi í sórí Wásáàpù ẹbí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Alhájì fi í sórí Wásáàpù àwọn olóbì pẹ̀lú. Ibẹ̀ ló gbà dé ọwọ́ awakọ̀.

Hussain gbé fóònù. "Màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n yé fi ìranù ránṣẹ́!"

"Rárá o," Àjọkẹ́ dá a lóhùn. "Àgbà ni wọ́n, ìwọ náà sì lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Jẹ́ kí n kọ ọ́."

Ohun tó kọ rèé:

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà wa àti ẹ̀yin àbúrò. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wa fi ìròyìn ránṣẹ́ síra wa. Mo wá bẹ̀bẹ̀ ni. Kí a tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, ẹ jẹ́ ká kà á tán, ká wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ká pe ẹni tọ́rọ̀ kàn. Tí a bá rí ọfà méjì lórí rẹ̀, ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, a ò sì mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èyí tí kò bá dá wa lójú, ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi nìkan, màá bá wa wádìí. Ẹ má bínú. Èmi ọmọ yín, Àjọkẹ́."

Kó tó fi í ránṣẹ́, ó kọ́kọ́ gbé e lọ bá Alhájì nílé. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Èmi ni mo fi ránṣẹ́," ni wọ́n wí. "'Ọmọ sọnù' nìkan ni mo kà, àánú ṣe mí. N ò tiẹ̀ ṣí àwòrán yẹn."

"Ìdí tí mi ò fi dárúkọ yín nìyẹn, Alhájì."

"O káre. Fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá dárúkọ ara mi."

Bí ọ̀rọ̀ Àjọkẹ́ ṣe dé orí Wásáàpù ẹbí, ohùn Alhájì tẹ̀ lé e: "Èmi Yésúfù, olórí ẹbí yìí, mo ṣàṣìṣe. Àjọkẹ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n lónìí, orí mi wú. Fàdìlàt kékeré gba àǹtí rẹ̀ sílẹ̀, orí mi tún wú. Irú ọmọ tí à ń tọ́ nínú ilé wa nìyí."

Wọ́n pa ìròyìn náà rẹ́, ṣùgbọ́n èyí táwọn ẹlòmíràn ti fi ránṣẹ́ kò ṣeé dá padà. Alhájì wá kọ ọ́ sí gbogbo ibi tí wọ́n fi í sí pé wọ́n ti rí ọmọ náà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Tàjúdéènì, mọ̀lẹ́bí wọn ní Ibido, rí ìròyìn kan gbà lórí fóònù pé wọ́n ti da májèlé sínú omi àdúgbò kan. Àjọkẹ́ nìkan ló fi ránṣẹ́ sí. Àjọkẹ́ pe ẹni tó ń gbé ládùúgbò náà, irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà kú sọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tó bá ní ká fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kíákíá, ẹ fẹ̀sọ̀ ka tirẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ rẹ̀, ẹ pe nọ́ńbà rẹ̀, ẹ bi ẹni tó wà níbẹ̀. Tí ẹ̀yin náà bá ń wá ènìyàn, ẹ kọ ọjọ́ sí i; tí ẹ bá rí i, ẹ kéde. Tí àgbà bá ṣèèṣì fi irú rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Èyí tí kò bá sì dá yín lójú, ọwọ́ yín ni kó parí sí.