Ìṣẹ́jú-Àáyá Mọ́kànlélógójì

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Ó ṣojú àwọn èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Okitipupa, ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń rìn ládùúgbò. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọn yóò kọ́kọ́ dákẹ́. Ẹ ní sùúrù fún wọn. Wọn yóò sọ ọ́.

Olúyọmí ni orúkọ mi. Fídíò ni mo ń ṣe nípa fíìmù àtijọ́. Màá wo fíìmù kan ní àwòtúnwò, màá wá ṣàlàyé fún àwọn tó ń wo ìkànnì mi ohun tó mú kí ibì kan nínú rẹ̀ wọni lára. Aníwúrà ni ìyá mi. Ó kú ní ọdún 2019. Fíìmù kan ṣoṣo ló ṣe láyé rẹ̀.

Ilé Kan ní Igbodigo ni wọ́n pe fíìmù náà. Benedict Àlàmú ló darí rẹ̀ ní ọdún 1985, òun náà ló sì ṣe ọkùnrin burúkú inú rẹ̀. Ọkùnrin yìí dáná sun ilé opó àbúrò rẹ̀ nítorí ilẹ̀. Ìyá mi ló ṣe opó náà. Ní ìparí, ó wá tọrọ àforíjì. Opó náà bu omi fún un. Ó wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà dúró níta, ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta: "Ìyàwó! Ìyàwó! Ìyàwó!" Kò sí ẹni tó dáhùn. Kámẹ́rà kò kúrò lójú rẹ̀ títí òkùnkùn fi bo àwòrán.

Ìparí yẹn ni gbogbo èèyàn ń yìn. Bàbá Àlàmú máa ń sọ fún wọn pé inú àdúrà ni òun ti rí i.

Irọ́ ni.

Ilé tó jóná nínú fíìmù náà, ilé ìyá àgbà mi ni. Àlàmú sọ fún ìyá àgbà pé ahéré ẹ̀yìnkùlé ni òun máa sun. Nígbà tí ìyá àgbà lọ sóko, ilé gan-an ló ti iná bọ̀, nítorí pé yóò dára jù lójú kámẹ́rà. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá àgbà ní tó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀ wà nínú ilé yẹn. Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn iná náà ni wọ́n ya ìparí, níwájú ahéré ẹ̀yìnkùlé. Ohun tó wà nínú ìwé eré ni pé kí opó jáde, kó sunkún, kó sì dárí jì í. Ìyá mi wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, kò sì jáde mọ́. Àlàmú ń pè é. Ẹni tó ń ya àwòrán kò dá kámẹ́rà dúró.

Àlàmú rí i pé ohun tí wọ́n yà dára ju ohun tí òun kọ lọ. Ó lò ó. Ó yọ orúkọ ìyá mi kúrò nínú fíìmù náà pátápátá.

Ní ọdún tó kọjá, ìjọ rẹ̀ fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún fún un. Mo gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣe fídíò ìyìn. Mo lọ bá wọn fúnra mi. Wọn kò mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́.

Gideon ló máa ń bá mi to àwòrán. Ìlú Ìrèlè ló ń gbé. Mo fi ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí i, ó pè mí lójú ẹsẹ̀.

"Yọmí, ìyìn kọ́ nìyí."

"Ìdajì rẹ̀ ìyìn ni."

"Kí lo fẹ́ gan-an?"

"Ìtìjú. Kó jókòó síwájú gbogbo wọn, kí ojú tì í."

Ó ní òun á bá mi ṣe é.

Mo pín ohun tí mo kọ sí ọ̀nà méjì bí a ṣe máa ń ṣe. Ọ̀tún ni ohun tí wọn yóò rí, òsì ni ohun tí wọn yóò gbọ́. Ìbéèrè ló ṣí i: kí ló dé tí ilẹ̀kùn kan tí kò ṣí fi ń bà wá lẹ́rù títí dòní?

Ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ ni pé fíìmù náà ti kọ́ wa ní òfin kan láìjẹ́ ká mọ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, aládùúgbò kan pe opó náà. Ó dáhùn ní ìpè kejì. Ní ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gbọ̀n, ọmọ kan pè é. Ní ìṣẹ́jú kejìdínlọ́gọ́ta, ọ̀tá rẹ̀ pè é, ó ṣì dáhùn. Mo to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ lé ara wọn, n kò sọ̀rọ̀ sí i, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Obìnrin yìí kì í jẹ́ kí wọ́n pe òun dé ẹ̀ẹ̀kẹta. Nítorí náà, nígbà tí ìpè kẹta kọjá ní ìparí, àwa tá à ń wò ló ń mí gúlegúle.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìpè nìkan ni, a lè dijú ká sì máa gbọ́ ọ. Kí ló dé tó fi ń dà bíi pé nǹkan kan sọnù ní etí wa? Ohun kejì nìyẹn. Ìró odó tí wọ́n fi ń gún ẹyìn wà lábẹ́ gbogbo ibi tí ilé ti hàn. Kò sẹ́ni tó ń kíyè sí i. Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé, ó dáwọ́ dúró. A kò mọ̀ pé a ti ń gbọ́ ọ àfi ìgbà tí kò sí mọ́.

Àwọn kan ní ohun tó mú kí àwòrán ṣókùnkùn ni pé rọ́ọ̀lù fíìmù tán nínú kámẹ́rà. Mo dá wọn lóhùn: bó bá tán, àwòrán á gé lójijì. Èyí ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan ló yàn án.

Ta ni? Orí ìbéèrè yìí ni mo ti yí padà sí ohun kẹta. Láti ìgbà tí ilẹ̀kùn pa dé títí tí gbogbo rẹ̀ fi ṣókùnkùn, ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélógójì ni, láìgé. Ní ìkọkàndínlọ́gbọ̀n, Àlàmú yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà. Ó ń wá ẹni tó máa gbà á. Òṣèré tó mọ ohun tó ń bọ̀ kì í wo ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá fi ojú ewé tó kẹ́yìn ìwé eré hàn, èyí tí ìyá mi fi pamọ́ sínú Bíbélì rẹ̀: "Opó jáde. Ó dárí jì í."

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo tò ó parí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún ibi tí ilẹ̀kùn ti pa dé wò. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàlélógójì.

Mo rò pé èmi ni mo ṣì í kà. Mo tún un kà. Mẹ́tàlélógójì ni.

Mo pe Gideon. "Mélòó ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Mọ́kànlélógójì. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan."

Ní ọjọ́rú, ó di méjìléláàádọ́ta. Oòrùn ń ràn lójú fèrèsé, wọ́n ń yan púpurú ẹ̀gẹ́ nílé kejì. Mo ki íápíìsì bọ etí. Lẹ́yìn ìkọkànlélógójì, àwòrán kò ṣókùnkùn mọ́. Àlàmú dúró síbẹ̀. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ẹsẹ̀. Ó rọra ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀.

Ìyá mi kì í wọ́ ẹsẹ̀ ní ọdún 1985. Àìsàn tó pa á ló sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n pa fídíò náà rẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbé e sínú fáláàṣì, mo sì gbé e lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Gbọ̀ngàn kún fún aṣọ funfun. Bàbá Àlàmú jókòó níwájú, ìyàwó rẹ̀, Màmá Judith, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Fídíò bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ nígbà tí ohùn mi sọ ohun àkọ́kọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ sí ìkejì. Nígbà tí mo bi wọ́n pé ta ló yàn án, bàbá na ìka sí àyà ara rẹ̀, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀kùn pa dé lójú àwòrán. Ìró odó dá.

"Ìyàwó!"

Àwọn tó wà lẹ́yìn na ọrùn síwájú.

"Ìyàwó! Ìyàwó!"

Mo ń kà á lábẹ́lẹ̀. Ìkọkàndínlọ́gbọ̀n. Ojú rẹ̀ yí. Ìkọkànlélógójì kọjá. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ó dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó dúró.

Ohùn ìyá mi sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀:

"Mo gbọ́ ẹ látàárọ̀. Ó tó. Dákẹ́."

Àlàmú ojú àwòrán la ẹnu. Ohùn kan kò jáde. Bàbá Àlàmú tó jókòó níwájú dìde, ó di etí ìjókòó mú, ó sì kígbe. A rí i pé ó kígbe. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. A kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún kígbe. Ó kọjú sí wa, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Ọmọ ọwọ́ kan bú sẹ́kún lẹ́yìn, a gbọ́ tirẹ̀ ketekete.

Ojú ewé ìwé eré ló wà lójú àwòrán lẹ́yìn ìyẹn. Kò sẹ́ni tó kà á.

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní ọ̀fun rẹ̀ dá ṣáká. Ahọ́n rẹ̀ dára. Wọ́n gbàdúrà fún un lọ́jọ́ méje, wọ́n sì tún gbà á lọ́jọ́ méje. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, bó bá sọ̀rọ̀, etí kankan kì í gbọ́ ọ.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Màmá Judith wá sílé mi. Òun nìkan ló wá. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò jókòó.

"Ìwọ lọmọ Aníwúrà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó yọ fóònù. Ó ní òun ya ọkọ òun ní fídíò, kí dókítà lè rí bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Bàbá Àlàmú jáde nínú fóònù náà, ó le, ó sì mọ́ kedere. Ó ń pe orúkọ ìyá mi. Ó ní òun mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ilé ni òun máa sun, kì í ṣe ahéré. Ó ní òun rí fọ́tò tó wà lára ògiri kí òun tó ṣáná. Ó bẹ̀bẹ̀ títí fídíò náà fi tán.

"Fóònù nìkan ló ń gbọ́ ọ," Màmá Judith sọ. "Àárọ̀ dalẹ́ ni mo ń yà á. Bí mo bá gbọ́ ọ tán ni mo tó ń mọ̀ pé omi ló ń béèrè."

"Mo ti pa fídíò mi rẹ́, mà. Lọ́dọ̀ èmi àti Gideon."

"Mo mọ̀. Kò ṣe nǹkan kan." Ó ń wò mí. Kò bínú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó bínú lọ. "N kò wá bẹ̀ ẹ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé ó ti tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn ni ì bá mú kó máa lọ. Mo wo fóònù ọwọ́ rẹ̀.

"Rárá, mà," ni mo sọ. "Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn."

Mo gbọ́ ara mi bí mo ṣe sọ ọ́. Kò dá mi lójú bóyá ohùn mi ni, àbí ti ìyá mi.